Iṣan ńlá inú ikùn Bàbá: 4.6 ni àbí 5.2, ká dúró àbí ká ṣe iṣẹ́ abẹ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Bàbá wa wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ti pé 71, tírélà ni wọ́n ń wà kí wọ́n tó fẹ̀yìntì. Síkáànù pròsítéètì la lọ ṣe, ni wọ́n bá ní iṣan ńlá inú ikùn wọn ti wú, sẹ̀ntímítà 4.6. Dókítà ní kò tíì kan iṣẹ́ abẹ, ká ṣáà máa wò ó. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn ẹ̀ a ṣe òmíì níbòmíì, wọ́n ní 5.2. Ṣé ká kàn máa wò ó títí tó máa fi bẹ́ ni? Àti pé àwa ọmọ ńkọ́, ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ti pé 46, ó sì ń fa sìgá. Mo fi fọ́tò ìwé méjèèjì ránṣẹ́.

Ìdáhùn:

Mo ti wo fọ́tò méjèèjì, mo fẹ̀ wọ́n títí ojú fi ń ro mí, ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ mú ìwé kejì yẹn, kẹ́ ẹ wo ibi dúdú tó wà láàárín àwòrán. Inú iṣan nìyẹn, ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Ẹ máa rí àmì kírọ́ọ̀sì tín-tìn-tín mẹ́rin létí ẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ẹni tó ṣe síkáànù ló tẹ àmì yẹn síbẹ̀, ẹ̀rọ ló wá bá a ka àárín wọn. Láti òkè dé ìsàlẹ̀, 4.7 ló kọ. Láti ọ̀tún dé òsì ni 5.2. Ẹni tó kọ ìwé wá mú èyí tó tóbi jù, ó gbé e sórí ìwé, ó tán. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ibi dúdú yẹn ṣe rí, ó rí bí ẹyin tó dùbúlẹ̀, nígbà tí tinú ìwé àkọ́kọ́ rí róbótó bíi kọ́bọ̀.

Ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi dín dòdò. Tẹ́ ẹ bá gbé ọ̀bẹ dúró ṣánṣán, róbótó ló máa jáde, tẹ́ ẹ bá da ọ̀bẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó máa gùn gbọọrọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan náà ni, kò tóbi ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Iṣan àgbàlagbà kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró ṣánṣán mọ́, ó máa ń tẹ̀ sọ́tùn-ún tẹ̀ sósì bí ọ̀nà oko, torí náà tí ẹni tó di ẹ̀rọ mú bá kàn gbé e dábùú ikùn láìwo ibi tí iṣan tẹ̀ sí, ó ti gé e ní gígé dòdò nìyẹn, nọ́mbà ọ̀tún sí òsì á sì ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ìdí nìyẹn tí àwa tá a ń ṣe iṣẹ́ yìí fi máa ń gba ti òkè sí ìsàlẹ̀ gbọ́ jù, torí ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ máa ń rí ìlà yẹn kedere ju ti ẹ̀gbẹ́ lọ.

Nǹkan kejì tún wà. Iṣan ní ògiri, ògiri ẹ̀ sì nípọn. Ẹlòmíì máa ń fi àmì sí etí inú ògiri, ẹlòmíì máa ń fi sí etí ìta, ìyẹn nìkan lè fa ìyàtọ̀ mìlímítà mẹ́ta lára ẹnì kan náà lọ́jọ́ kan náà. Tẹ́ ẹ bá wá gbé èèyàn méjì, ẹ̀rọ méjì, ilé méjì pọ̀, kí nọ́mbà wọn fi mìlímítà márùn-ún yàtọ̀ ò tiẹ̀ yà mí lẹ́nu. Iṣan tó ti tó báyìí sábà máa ń fẹ̀ ní mìlímítà méjì sí mẹ́rin lọ́dún. Láti 4.6 sí 4.7 lóṣù márùn-ún, ó bá ìrìn ẹ̀ mu. Láti 4.6 sí 5.2, ìyẹn ni pé ó ń sáré, tó bá sì jẹ́ òótọ́ ọ̀rọ̀ máa yí padà, torí iṣan tó bá fẹ̀ ju sẹ̀ntímítà kan lọ láàárín ọdún kan, a kì í dúró de nọ́mbà kankan mọ́, oníṣẹ́ abẹ ló kàn.

Ojú tí mo fi wo fọ́tò lórí fóònù kì í ṣe ojú tí mo máa fi wo Bàbá fúnra wọn o, torí náà ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi sùn. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yìí, ẹ mú wọn padà sí ibi tẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ ṣe é, kí wọ́n má jẹun láàárọ̀ ọjọ́ yẹn torí gáàsì inú ìfun máa ń bo iṣan mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ sì mú ìwé méjèèjì dání. Ẹ sọ fún ẹni tó fẹ́ ṣe é pé kó gbé ẹ̀rọ tẹ̀ lé ìtẹ̀sí iṣan kó tó dábùú ẹ̀, kó wọn ọ́n láti etí ìta sí etí ìta, láti òkè sí ìsàlẹ̀, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé bí òun ṣe wọ̀n ọ́n nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kójú tì yín láti sọ ọ́. Tó bá ṣì jáde ní 5 tàbí kó lé, ẹ lọ ṣe síkáànù síítíì, èyí tí wọ́n ń ti èèyàn wọ inú òrùka ńlá, ìyẹn kì í jìyàn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó wú yìí. Iṣan ńlá náà, éọ́tà là ń pè é, inú ọkàn ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gba inú àyà wá sísàlẹ̀, ó sùn síwájú eegun ẹ̀yìn, tó bá dé ọ̀gangan ìdodo ó pín sí méjì, ẹsẹ̀ kan ọ̀kan. Nínú ikùn, fífẹ̀ ẹ̀ máa ń tó sẹ̀ntímítà méjì. Tó bá ti pé 3.0 la máa ń sọ pé ó ti wú. Ẹ ti rí tíúbù kẹ̀kẹ́ tó yọ gẹ̀gẹ̀ níbì kan rí, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ ò pọ̀ sí i, ara rọ́bà ibẹ̀ ló ti rẹ̀. Bí gẹ̀gẹ̀ yẹn bá ṣe ń tóbi sí i bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ kan náà á ṣe máa fa ògiri ẹ̀ le sí i, torí náà bó ṣe ń tóbi ló ń yára. Ohun tó ń jẹ rọ́bà yẹn jù ni sìgá, kò sí èyí tó sún mọ́ ọn. Lẹ́yìn sìgá ló wá kan pé kéèyàn jẹ́ ọkùnrin, kó ti lé ní 65, kí bàbá tàbí ọmọ ìyá ẹ̀ ti ní i, kí ẹ̀jẹ̀ ríru sì wà níbẹ̀. Nǹkan kan wá wà tó máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lẹ́nu, àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà kì í sábà ní i tó àwọn tí ò ní ìtọ̀ ṣúgà, àwa dúdú náà kì í sì í ní i tó àwọn òyìnbó. Kì í ṣe pé a ò ní i o, mo ti fọwọ́ kàn án lára àwọn bàbá láti Ọ̀yọ́, láti Ìkòyí-Ilé, sìgá ló pọ̀ jù nínú ìtàn wọn.

Kí ló dé tí dókítà yín ò fi gé e kúrò nígbà tó ti rí i? Ìbéèrè yìí, wọ́n ti fi èèyàn gidi dáhùn ẹ̀. Ní ìlú ọba, wọ́n kó èèyàn 1,090 jọ tí iṣan wọn wà láàárín 4.0 sí 5.5, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún apá kan lójú ẹsẹ̀, wọ́n ní kí apá kejì máa wá fún síkáànù, wọn ò ní fọwọ́ kàn wọ́n àfi tó bá kọjá 5.5 tàbí tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré tàbí tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Ọdún 1998 ni èsì jáde. Àwọn tó wà láyé nínú apá méjèèjì ò yàtọ̀ síra. Ìdí ẹ̀ ni pé nínú àwọn tí wọ́n là lójú ẹsẹ̀, nǹkan bíi mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún ló kú láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, nígbà tó jẹ́ pé nínú àwọn tó ń dúró, nǹkan bí ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún ni tiẹ̀ ń bẹ́ lọ́dún. Àwọn ará Amẹ́ríkà náà ṣe tiwọn fún èèyàn 1,136, èsì jáde lọ́dún 2002, àwọn oníṣẹ́ abẹ tiwọn tiẹ̀ mọ́wọ́ jù, èèyàn tó kú lọ́wọ́ wọn ò tó ìdajì ti ìlú ọba, síbẹ̀ kò sí èrè kankan nínú kíkánjú.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú níbẹ̀ rèé. Lára àwọn tó ń dúró yẹn, ó lé ní ìdajì tí wọ́n padà ṣe iṣẹ́ abẹ fún nígbà tó yá. Dídúró ò túmọ̀ sí pé wọ́n ti pa Bàbá tì, ó túmọ̀ sí pé ewu abẹ ṣì ju ewu iṣan lọ lónìí, lọ́jọ́ tí òṣùwọ̀n bá yí, wọ́n á wọlé. Fún ọkùnrin, 5.5 ni òṣùwọ̀n máa ń yí. Fún obìnrin, 5.0 là ń mú torí tiwọn máa ń bẹ́ nígbà tí kò tíì tóbi tó ti ọkùnrin. Ó sì lè má yí rárá fún ẹni tí ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ ò lè gba abẹ, mo ti bá àwọn ẹbí jókòó rí tí nọ́mbà bàbá wọn ti lé ní 6 tá a jọ gbà pé ká má la wọ́n.

Nọ́mbà nìkan kọ́ ló ń darí ọ̀rọ̀ o, ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sí jù nìyí. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ dókítà kékeré, nílé ìwòsàn kan tí mi ò ní dárúkọ, wọ́n gbé bàbá kan wá lóru, ẹ̀gbẹ́ òsì ń dùn wọ́n dé ẹ̀yìn, wọ́n ti kọ́kọ́ fún wọn ní àgbo jẹ̀díjẹ̀dí nílé. Mo wò wọ́n, mo ní òkúta inú kídìnrín ni, mo fún wọn ní abẹ́rẹ́ ìrora, mo ní kí wọ́n dúró dàárọ̀. Bíìpíì wọn wà ní 95 lókè, mo rò pé ìrora ló fà á, bẹ́ẹ̀ ìrora máa ń gbé bíìpíì sókè ni, kì í rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Mi ò fọwọ́ tẹ òkè ìdodo wọn dáadáa. Nígbà tí ọ̀gá mi dé láàárọ̀ tó fọwọ́ lé e, ikùn ń mi kìì, kìì, kìì lábẹ́ ọwọ́ ẹ̀, kò pẹ́ sígbà yẹn ni wọ́n kú kí yàrá abẹ tó ṣí. Láti ọjọ́ náà, ọkùnrin tó bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún tó ní ẹ̀yìn ń dun òun lójijì, ikùn ni mo ń kọ́kọ́ fọwọ́ kàn.

Torí náà, tí ikùn tàbí ẹ̀yìn Bàbá bá ṣàdédé dùn wọ́n, pàápàá tó bá ń ràn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí sí ibi tí itan ti pàdé ikùn, tàbí tí òòyì kọ́ wọn, tí òógùn tútù ń bò wọ́n, ẹ má ro nọ́mbà kankan, ẹ má pe ẹni tó ń fọwọ́ra ikùn, ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà pé iṣan ńlá wọn ti wú tẹ́lẹ̀, ó sì ti ń dùn. Ìyẹn ló máa jẹ́ kí wọ́n yára. Tó bá bẹ́ tán, ọ̀pọ̀ ni kì í délé ìwòsàn rárá.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń dúró, oògùn tó máa jẹ́ kí iṣan yẹn sún kì ò sí, mo ti rí i tí wọ́n ń ta àgbo ẹ̀ pàápàá, irọ́ ni. Sìgá ni ẹ kọ́kọ́ béèrè. Àwọn tó ń wa tírélà lọ sókè ọya, èmi náà mọ bí wọ́n ṣe ń fi sìgá lé oorun lọ, tí Bàbá bá ṣì ń fa ọ̀kan lẹ́yìn oúnjẹ, ọ̀kan yẹn náà ń jẹ ògiri iṣan. Ẹ má fi bíìpíì wọn ṣeré, dókítà sì lè fún wọn ní oògùn tó ń bá ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ jà, kì í ṣe nítorí iṣan yìí nìkan o, ẹni tó bá ní i, ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ ló sábà ń kọ́kọ́ dé bá a kí iṣan tó bẹ́. Wọ́n lè rìn, wọ́n lè lọ sóko káṣú wọn, kí wọ́n ṣáà má gbé àpò tó wúwo débi tí wọ́n á fi dá èémí dúró.

Èyí tí ẹnikẹ́ni ò ní sọ fún yín nìyí: síprò. Ẹ mọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa, ara gbóná díẹ̀, kẹ́míìsì ní taifọ́ọ̀dù ni, ó fún yín ní síprò tàbí èyí tí orúkọ ẹ̀ parí sí fílọ́sásìn. Lóṣù Kejìlá ọdún 2018, àjọ tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé kí wọ́n má fún ẹni tí éọ́tà ẹ̀ ti wú ní irú oògùn yẹn, àfi tí kò bá sí òmíì tó lè ṣe é, torí wọ́n rí i pé ó lè jẹ́ kí iṣan ya tàbí kó bẹ́. Oògùn mìíràn wà tó ń wo taifọ́ọ̀dù. Ẹ kọ ọ́ sára káàdì Bàbá pẹ̀lú bírò pupa.

Síkáànù tó kàn ńkọ́? Ìlú ọba máa ń pe ẹni tó wà láàárín 4.5 sí 5.4 ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, Amẹ́ríkà máa ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́dún títí tó fi dé 5.0, lẹ́yìn náà oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ti Bàbá tí ìwé méjì ò bára mu, oṣù mẹ́ta lèmi máa mú, lọ́dọ̀ ẹnì kan náà, títí ìlà fi máa tọ́.

Tó bá wá dé 5.5, ọ̀nà méjì ló wà. Àkọ́kọ́, wọ́n á la ikùn, wọ́n á fún iṣan pa lókè àti nísàlẹ̀, wọ́n á rán ọ̀pá aṣọ kan tí wọ́n ń pè ní dákírọ́ọ̀nù sáàárín. Ó le lára, oṣù méjì sí mẹ́ta kí ara tó padà, ṣùgbọ́n tó bá ti jinná, ó sábà máa ń tán síbẹ̀. Ọ̀nà kejì, wọ́n á gba iṣan ìdí itan wọlé, wọ́n á na ọ̀pá aṣọ oníwáyà sínú ẹ̀ láìla ikùn. Èyí rọrùn lákọ̀ọ́kọ́, ẹni tó ń kú níbẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ lè máa jò gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, torí náà síkáànù ò ní tán láéláé, àǹfààní àkọ́kọ́ yẹn sì máa ń rá tí ọdún bá ti gun orí ọdún. Ẹni tí ò ní lè máa padà wá fún síkáànù, mi ò kì í fẹ́ ṣe é fún un. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bá a jà, Einstein tí gbogbo wa ń gbọ́ orúkọ ẹ̀, wọ́n fi ọ̀rá sẹlofénì wé tiẹ̀ lọ́dún 1948, ó lo bí ọdún mẹ́fà sí i kó tó bẹ́ lọ́dún 1955. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà yín láti ìsinsìnyí ibi tó máa rán yín lọ tí ọjọ́ náà bá dé, Ilọrin ni àbí Ìbàdàn, kẹ́ ẹ mọ iye tó ń lọ síbẹ̀, torí iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ gbogbo ilé ìwòsàn.

Tiyín, ẹ̀yin ọmọ. Ìlú ọba ń pe gbogbo ọkùnrin tó bá pé 65 fún síkáànù ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, tí iṣan ẹ̀ ò bá tó 3 lọ́jọ́ yẹn wọ́n á ní kó máa lọ, kò ní padà wá mọ́, torí èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn 65 kì í sábà ráyè tóbi débi tó máa pa á. Amẹ́ríkà ní kí ọkùnrin 65 sí 75 tó ti fa tó igi sìgá ọgọ́rùn-ún láyé ẹ̀ lọ ṣe é. Àyẹ̀wò tí wọ́n fi gbé ti ìlú ọba kalẹ̀ kó ọkùnrin bí 68,000 jọ, ikú tí iṣan yìí ń fà sì dín ní nǹkan bíi méjì nínú márùn-ún láàárín àwọn tí wọ́n pè. Lọ́dọ̀ tiwa kò sẹ́ni tó ń pe ẹnikẹ́ni, onítọ̀hún ló máa fẹsẹ̀ ara ẹ̀ lọ. Wọn kì í wá a kiri lára obìnrin tí kò fa sìgá rí, torí ó ṣọ̀wọ́n débi pé ìpayà tó máa dá sílẹ̀ á ju ohun tó máa rí lọ, irú ìpayà tó ń bá yín jà láti oṣù yìí.

Ẹ̀gbọ́n yín tó jẹ́ 46, síkáànù kì í sábà rí nǹkan kan lára ẹni tó jẹ́ ọjọ́ orí ẹ̀, sìgá ni kó sọ nù, tó bá ti ń sún mọ́ 65 kó lọ ṣe é. Àwọn tó yẹ kí wọ́n lọ lọ́sẹ̀ yìí ni ọmọ ìyá Bàbá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò wọn lọ́kùnrin tó ti lé ní 65, yálà ó ń fa sìgá tàbí kò fà á. Síkáànù ikùn lásán ni, pẹ̀lú jẹ́ẹ̀lì tútù, kò tó ogún ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó ń ṣe é mọ̀ pé iṣan ńlá lẹ bá wá, torí tẹ́ ẹ bá kàn ní "ikùn", ẹ̀dọ̀ àti kídìnrín ló máa wò, á sì kí yín kú ilé.